Ìsìnkú tí a fẹ́ gbé jáde láìfù láti Ìkọ̀lé-Èkìtì: kí ni a ó ṣe kí àwòrán má baà máa dúró?

Ọmọ Ìkọ̀lé, Manchester: Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó sin ìyá wa ní Ìkọ̀lé, àbúrò mi ni yóò sì fi OBS, áàpù kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé fídíò jáde, gbé ètò náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀. Nígbà tí ó dán an wò lánàá ní 1080p, ńṣe ni àwòrán ń dúró, tí ohùn sì ń já.

Bàbá Ìbejì, Toronto: Ẹ ra dátà tó pọ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní 1080p. YouTube fúnra rẹ̀ yóò ṣe èyí tó kéré fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára.

Àǹtí Dublin: Tèmi náà máa ń dúró. Ṣé kí n pààrọ̀ waifáì mi ni?

Ẹ̀gbọ́n Onífídíò, Leeds: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ nípa YouTube, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá kúrò ní Ìkọ̀lé, YouTube kò lè rí i pín. Dátà rẹpẹtẹ kò sì sọ ọ̀nà tóóró di gbòòrò. Kí àbúrò yín lọ sí ibi ìsìnkú gan-an, kí ó fi ẹ̀rọ ayẹ̀nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo UPLOAD, ìyẹn eré tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbé nǹkan jáde, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Manchester: Ó ti ṣe é: 2.1, 1.6 àti 1.3 Mbps.

Ẹ̀gbọ́n Onífídíò, Leeds: 1.3 ni kí ẹ gbà, nítorí pé lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo èrò ni yóò jọ máa lo òpó kan náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí ẹ ná: Video Bitrate, ìyẹn iye dátà tí àwòrán ń ná ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 800 Kbps; Audio Bitrate, ti ohùn, 64 Kbps. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á dín bítíréètì kù, wọn á sì gbàgbé ìwọ̀n àwòrán. Ní 1080p pẹ̀lú férémù 30, ìyẹn àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 62 píksẹ́lì ni yóò máa pín 800 yẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn bá sì ti mira, àwòrán á di bàìbàì. Ní 854x480 pẹ̀lú férémù 24, wọn kò tó mílíọ̀nù 10, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fi bí ìlọ́po mẹ́fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ yan èyí ṣáájú, nítorí pé OBS kì í jẹ́ kí a yí ìwọ̀n àwòrán tàbí férémù padà nígbà tí ètò bá ti ń lọ.

Kí àbúrò yín máa wo Dropped Frames (Network) nínú OBS, ìyẹn iye férémù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí gbé jáde. Bí ó bá ń gòkè, kí ó sọ bítíréètì di 600. Bí ó bá jẹ́ Skipped frames due to encoding lag ni ó ń gòkè, kọ̀ǹpútà ni kò gbé e mọ́, kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí, bí gbogbo wa bá jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, láti Ìkọ̀lé ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ yan 360p lórí fóònù yín kí ẹ tó náwó.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Manchester: Bí a bá sọ férémù di 15, ṣé ojú àwọn àgbà kò ní hàn kedere sí i?

Ẹ̀gbọ́n Onífídíò, Leeds: Yóò hàn dáadáa nígbà tí wọ́n bá jókòó, ṣùgbọ́n ijó yóò máa já gírí-gírí.

Bàbá Ìbejì, Toronto: Èmi kò gbà fún 15. Ijó àwọn ọmọ olóòkú ni mo fẹ́ wò ní tèmi.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Manchester: Àbúrò mi yóò dán méjèèjì wò ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi ṣì ń ro ti 15 yẹn.