Bí mo ṣe kọ̀ láti ṣe onídùúró fún ẹ̀gbọ́n mi: ẹ sọ tiyín náà

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, fẹ́ yá owó ní báǹkì láti fi ra ọkọ̀ akẹ́rù kejì, wọ́n sì ní kó mú onídùúró kan tó ń gba owó oṣù wá. Èmi ló kọ́kọ́ bá. Mo kọ̀ fún un, ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe lọ, nítorí pé ibi tí mo ti ṣe é bó ṣe yẹ àti ibi tí mo ti bà á jẹ́ kò jìnnà síra wọn. Kí ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wá sọ tiyín.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè mí, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." Irọ́ ni. Kò sí ohun tí mo fẹ́ rò. Láti ìgbà tó ti dárúkọ onídùúró ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ṣe é, ojú rẹ̀ ni mo ń sá fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó ti bá ẹni tó ń ta ọkọ̀ dúnàádúrà, ó sì ti san àsansílẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé pé èmi yóò fọwọ́ síwèé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ìbínú, àsansílẹ̀ yẹn ló ń bínú sí ju kíkọ̀ tí mo kọ̀ lọ.

Àṣìṣe kejì ni àwáwí. Mo sọ fún un pé owó oṣù mi kéré. Ọjọ́ kejì ló padà dé, ó ní òun ti béèrè ní báǹkì, wọ́n sì ní iye tí mo ń gbà tó. Mo tún ní ọkọ mi kò ní gbà. Ó pe ọkọ mi, ẹni tí n kò tíì sọ ohunkóhun fún, òun náà sì ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn?" Gbogbo àwáwí tí mo bá gbé kalẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, tó ń tún un ṣe, nítorí ó rò pé ìṣòro ni mo ń kó wá fún òun láti yanjú. N kò sì lè bá a wí, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwáwí tán lọ́wọ́ mi, mo dúró síbẹ̀ ní ìhòòhò.

Ìgbà yẹn ni mo tó ní kó fi ìwé náà hàn mí. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ní ojú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ pé onídùúró yóò san gbogbo owó tí ẹni tó yá owó bá jẹ báǹkì nísinsìnyí, àti èyíkéyìí tó bá tún jẹ lẹ́yìn èyí. Wọn kò kọ iye kankan síbẹ̀, wọn kò sì kọ ọjọ́ tí yóò parí. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró fún. Ohun tí ìwé sọ ni pé mo dúró fún ọkọ̀ náà àti fún ohunkóhun tó bá tún wù ú láti yá lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà mo lọ bá a nílé. Ohun tí mo sọ nìyí, mo ti rò ó lọ́nà: "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní fọwọ́ sí i. Kì í ṣe nítorí owó oṣù mi, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ mi. N kì í ṣe onídùúró owó yíyá fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè mí ló yẹ kí n ti sọ ọ́, mo sì bẹ̀ yín nítorí bí mo ṣe dá yín dúró." Ó bi mí pé, "Ṣé o rò pé mo máa sá ni?" Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Mo ní rárá, pé bí mo bá rò bẹ́ẹ̀, n kò ní wá sílé yín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Owó ilé ìwé tí mo san fún ọ fún ọdún méjì, ta ni mo ní kó dúró fún ọ?" Títí di òní, n kò rí ìdáhùn sí ìyẹn.

Mo fi ohun méjì lọ̀ ọ́. Mo ní n óò fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọkọ̀ náà, pé mo fi ta á lọ́rẹ ni, kì í ṣe pé mo yá a. Mo sì ní n óò bá a lọ sí báǹkì láti béèrè bóyá wọ́n lè gba ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìdógò dípò onídùúró. Ó kọ ti àkọ́kọ́, ó gba ìkejì.

Ìyá àgbà kan

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Èmi yá ọmọ àbúrò mi lówó lọ́dún kìíní, oṣù méjì ló ní òun yóò fi san án, n kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ má yá ẹbí lówó o.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣé mà. Kì í ṣe ọwọ́ mi ni ó ti fẹ́ yá owó náà o, báǹkì ni. Ó fẹ́ kí n dúró fún òun ni.

Ìyá àgbà kan

Mo gbọ́. Kí ni ìyàtọ̀? Tí kò bá san, ta ni wọn yóò mú? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá yín, nítorí ibẹ̀ ni tèmi ti le.

Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ka owó yíyá fún ọdún mọ́kànlá

Màmá kò jìnnà sí òótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé onídùúró, ìlà kan wà tó sọ pé kí báǹkì ka onídùúró sí ẹni tó jẹ gbèsè náà gan-an. Ìlà yẹn mú kó túbọ̀ rọrùn fún báǹkì láti wá bá ọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ẹni tó yá owó. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, tí gbèsè tó yẹ kí wọ́n san lóṣù kan bá ti pẹ́, onídùúró ni a ń pè, nítorí pé owó oṣù ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ rọrùn láti dé ju ọkọ̀ tí a kò mọ ibi tó wà lọ. Ohun mìíràn tí ènìyàn kì í rò ni pé lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ yá owó, wọ́n lè ka gbèsè tí o dúró fún mọ́ tìrẹ, kí wọ́n sì dín iye tí wọn yóò yá ọ kù, bí ẹ̀gbọ́n rẹ tilẹ̀ ń san án déédéé.

Mo rí àwọn tó ní kí báǹkì kọ iye kan pàtó sí i, tàbí kí ìdúró náà parí nígbà tí gbèsè bá ti dé ìdajì. Nígbà mìíràn báǹkì máa ń gbà. Ṣùgbọ́n bí o bá ti pinnu pé o kò ní ṣe é rárá, má fi ìlà burúkú inú ìwé ṣe ìdí tí o fi kọ̀. Bí báǹkì bá yọ ìlà náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe tún àwáwí owó oṣù rẹ ṣe náà ni yóò ṣe tún èyí ṣe, kò sì ní sí ibi tí o óò tún sá sí.

Ọkùnrin kan tó fọwọ́ sí i

Èmi kò rí ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú. Mo fọwọ́ sí i fún àbúrò ìyàwó mi kí ilé má bàa gbóná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mo kọ̀wé sí báǹkì pé mo ti yọ ara mi. Onídùúró ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ka owó yíyá

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ẹ gbé e dé. Bí ó bá jẹ́ irú ìwé tí kò ní iye, tó ń ka gbèsè ọjọ́ iwájú mọ́ ọn, ìwé tí ẹ kọ lè dá ti ọjọ́ iwájú dúró. Owó tí wọ́n ti kó fún un kí ẹ tó kọ̀wé ṣì wà lọ́rùn yín, àyàfi bí báǹkì fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́ pé òun ti tú yín sílẹ̀. Kí ni èsì wọn sọ?

Ọkùnrin kan tó fọwọ́ sí i

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé mi gbà, wọ́n sì dúpẹ́.

Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ka owó yíyá

Ẹ tún kọ̀wé sí wọn lọ́la.

Ọ̀dọ́kùnrin kan

Èmi náà lo gbólóhùn yẹn, pé n kì í ṣe é fún ẹnikẹ́ni, fún àbúrò bàbá mi. Wàhálà tèmi ni pé mo ti ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, bàbá mi kékeré sì gbọ́. Orí tẹlifóònù ni mo tún ti fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́, n kò lọ bá wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún bàbá mi ni pé ọ̀rẹ́ ni mo kà sí ènìyàn. Bí mo bá sọ pé mo ti ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan, pé n kò sùn dáadáa títí ọ̀rẹ́ náà fi san án tán, tí mo sì pinnu pé n kò tún ní ṣe é mọ́, òótọ́ ni ì bá jẹ́, wọn ì bá sì bi mí ní ìbéèrè díẹ̀. Nísinsìnyí, wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Wọn kì í kọ́kọ́ kí mi.

Ìyá àgbà kan

Ọmọ, lọ bá wọn nílé.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mà, ẹ béèrè nípa ìyá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé e dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sáré dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láti ilé rẹ̀ ni mo ti kọjá sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ohun tí mo sọ fún un gan-an fún wọn, láìfi ẹ̀gbọ́n mi sùn àti láìsọ̀rọ̀ nípa àsansílẹ̀ náà. Nígbà tó dé, ìyá wa ní àwọn ti gbọ́, pé kó jẹ́ kí àwọn wá ọ̀nà mìíràn. Inú wọn kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n wọn kò bá a bẹ̀ mí.

Báǹkì gba ọkọ̀ náà ní ìdógò nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kó fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, kó sì san owó ìbánigbófò. Oṣù mẹ́rin ni ó fi wá owó náà jọ. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ fẹ́ ti lọ. Ẹni tó ń tà á dá ìdajì àsansílẹ̀ padà, ìdajì yòókù sì ṣòfò. Mo fẹ́ san ìdajì yẹn fún un, nítorí pé èmi ló fà á, ṣùgbọ́n n kò mọ bí n óò ṣe gbé e kalẹ̀ kó má bàa dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi owó ra ojú rẹ̀.

Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ka owó yíyá

Ẹ san án. Ẹ sọ ohun tí owó náà wà fún, kí ẹ má sì fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀dọ́kùnrin kan

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó kọ owó yín nígbà kan ná.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

N óò tún rò ó, lọ́tẹ̀ yìí mo ń rò ó ní tòótọ́. Ó fi àwòrán ọkọ̀ tuntun náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kí i kú oríire, mo sì gbàdúrà fún un. Ó dá gbogbo àwọn yòókù lóhùn ní gbólóhùn méjì méjì. Èmi, ó ní, "O ṣeun." Ó tún pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó béèrè àwọn ọmọ, a kò sì dárúkọ ọkọ̀.