Mọ́tò ọlọ ń tírípù lálẹ́: kí ni kí n kọ fún máníjà?

Ẹ̀yin ọ̀gá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, níbi tí a ti ń lọ àgbàdo. Mọ́tò kìlówáàtì 11 tó ń yí ọlọ wa máa ń tírípù lálẹ́ lórí iná ìjọba, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ kan náà sì ni.

Áḿpù 21 ló wà lára mọ́tò, ibẹ̀ náà ni mo yí ofalóòdù sí. Lẹ́nu iṣẹ́, wáyà pupa fa 18, yẹ́lò 20, búlúù 25. Fóltì láàárín wọn jẹ́ 412, 408 àti 388. Èyí tó kéré jù fi nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ìwọ̀n àárín wọn. Mo tú wáyà, mo fi mẹ́gà wò ó sí ara irin, ó ju mẹ́gà-óòmù 100 lọ.

Máníjà ní kí n yí ofalóòdù sí 26. Ọkàn mi ò gbà á rárá, torí kọ́ìlì inú mọ́tò ni yóò jóná.

Èyí tí mo fẹ́ ṣe ni kí n wọn fóltì tó ń sọnù lórí ẹsẹ̀ kọntákítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n wá sún wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́tò sípò kejì ní ìtẹ̀léra, kó má baà yí sẹ́yìn. Bí 25 bá dúró sórí búlúù, iná ló ń dà á láàmú. Bó bá tẹ̀ lé wáyà mọ́tò, inú mọ́tò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tó láti kọ fún máníjà pé kí wọ́n wá wo tiransifọ́mà, àbí ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò?