Àbọ̀ ọ̀rọ̀ púráímà mi o, mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí pa

Ohun tí mo béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí púráímà mi ń ká jọ bí ìdọ̀tí ara lójú àpá ìrorẹ́, tí ihò yẹn ṣì ń hàn?"

Ó ti dáa o. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kun ìyàwó lójú ní Lágéré ló rí i, ní púráímà mi sílíkónì ni, fandéṣọ̀n mi sì jẹ́ olómi, wọn ò bára wọn rẹ́. Mo wá pààrọ̀ fandéṣọ̀n sí onísílíkónì, mo bu púráímà bíńtín, mo fìka tẹ̀ ẹ́ sínú ihò yẹn, mi ò fi ra rárá, mo jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kí n tó fi fóòmù tútù tẹ fandéṣọ̀n lé e, kò ká jọ mọ́!

Ẹni tó ní kí n fi kọrẹ́kítọ̀ aláwọ̀ ọsàn kun gbogbo ojú, ojú àpá dúdú nìkan ni o, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bó bá pọ̀ á yọ lábẹ́ fandéṣọ̀n. Àǹtí tó ń béèrè ọṣẹ ìrorẹ́ fún ọmọ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ma, ìyẹn tó ṣì ń yọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ wò ó.

Àpá tó wú sókè lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ṣì ń hàn tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i, àtíkè tiẹ̀ tún ń fi hàn sí i ni.