Ẹnì kan, fáìlì méjì

Akẹ́kọ̀ọ́ Gwàgwàládà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká kọ àǹfààní àti ewu àkọsílẹ̀ aláìsàn orí kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kékeré tówó rẹ̀ ò tó nǹkan. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń rí kà. Kí lẹ̀yin ń bá pàdé?

Akọ̀wé Káàdì, Súlèjà: Àǹfààní rẹ̀ ni pé fáìlì kì í sọnù sínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ewu tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹnì kan ní fáìlì méjì. Lápá ibí, akọ̀wé kan á kọ Músá Ibrahim, òmíràn á kọ Ibrahim Músá. Mohammed àti Muhammadu, orúkọ kan náà ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n á kọ 1/1 fún un, ọjọ́ ìbí ò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Obìnrin kan wá lóṣù kẹta, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé pẹnisílíìnì kì í bá a lára mu. Ó padà wá lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀ sórí ìwé. Láàárọ̀, akọ̀wé wá orúkọ, kò rí i, ló bá ṣí fáìlì tuntun. Nígbà tí obìnrin náà tún dé, tuntun yẹn ni dókítà ṣí. Ibi oògùn tí kì í bá a mu ṣófo, dókítà sì kà á sí pé kò sí. Ìdí nìyẹn tí "kò sí" àti "a ò tíì bèèrè" fi gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ lórí fọ́ọ̀mù.

Oníkọ̀ǹpútà Wúsè: Ẹ fi nọ́ńbà fóònù dá wọn mọ̀, ó parí.

Akọ̀wé Káàdì, Súlèjà: Ó dáa fún wíwá, kò dáa fún dídá mọ̀. Fóònù baálé kan ni ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà ń lò. Ẹ fi fóònù wá a, kẹ́ ẹ wá bèèrè orúkọ ìyá àti abúlé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí tuntun.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Kọ̀ǹpútà tiwa ń kú níwọ̀n wákàtí méjì tíná bá lọ. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ńlá la máa rà?

Oníkọ̀ǹpútà Wúsè: Rárá, mà. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù ṣe kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo fáìlì wà lórí rẹ̀. Tòun ti ráútà, bí 40 wáàtì ni. Bátìrì 12 fóltì, 100 Ah, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì rẹ̀, á fún un ní 600 wáàtì-wákàtí. Ìnfátà á jẹ díẹ̀, ó sì máa gbé e tó wákàtí 12. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì dókítà ò sí nínú ìṣirò yìí o.

Akọ̀wé Káàdì, Súlèjà: Pẹ̀lú ìyẹn náà, ẹ tẹ 50 káàdì sílẹ̀ fún alẹ́, kí nọ́ńbà fáìlì ti wà lára wọn, kí kọ̀ǹpútà má sì fi wọ́n fún ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá rí fáìlì méjì, ẹ má pa ọ̀kan rẹ́: ẹ so wọ́n pọ̀, kí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì máa gbé yín dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àlẹ́, Kúbwà: Ta ni kó wá kó ìwé alẹ́ wọlé? Ó ti máa ń rẹ àwa tá a rí aláìsàn láàárọ̀.

Akọ̀wé Káàdì, Súlèjà: Akọ̀wé ni, àmọ́ kí nọ́ọ̀sì má tíì lọ.

Nọ́ọ̀sì Àlẹ́, Kúbwà: Mi ò gbà. Àwa méjì péré là ń ṣiṣẹ́ alẹ́.