Omi ń hó, ẹ̀wà ò rọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn nípa oúnjẹ sísè lórí òkè

Àdùkẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Oṣù mẹ́ta rèé tí iṣẹ́ gbé mi dé orí òkè kan tó fi mítà 2,400 ga ju ojú òkun lọ. Etí òkun ni mo gbé tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni oúnjẹ ti ń bá mi jà.

Ẹ ẹ̀ rí ẹ̀wà: mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú bí mo ṣe máa ń ṣe. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló máa ń gbà mí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e kaná ní aago mẹ́wàá, ó di aago kan ọ̀sán, kò rọ̀. Bí mo bá fi ìka méjì tẹ hóró kan, èèpo á bọ́, àmọ́ inú á ṣì le, á máa fọ́ bí ẹfun. Mo yí gáàsì sókè pátápátá, omi ń hó kutukutu, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bu omi lé e. Ìkòkò tuntun ni mo lò, mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé ìkòkò náà ni ò dáa.

Kéèkì ló wá dùn mí jù. Ìlànà tí mo ti ń tẹ̀ lé láti ọdún márùn-ún ni. Ó wú kọjá etí agolo, inú mi dùn. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, àárín rẹ̀ rì wọlé, etí sì ti gbẹ. Nígbà tí mo gé e, àárín rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ.

Ṣé kí n kàn máa fi àkókò kún gbogbo nǹkan ni?

Bọ̀dá Sàlàkọ́

Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ kò le. Omi kì í gbóná tó lórí òkè, ó máa ń hó kó tó pé dígírì 100. Da iyọ̀ sínú omi náà dáadáa, iyọ̀ ló ń mú kí omi gbóná sí i kó tó hó. Kí o sì dé ìkòkò náà.

Ìyá Ẹ̀bùn

Bọ̀dá Sàlàkọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, àmọ́ iyọ̀ yẹn ò ní gbà á là. Òótọ́ ni pé iyọ̀ ń mú kí omi pẹ́ díẹ̀ kó tó hó. Ṣùgbọ́n nǹkan bí gíráàmù 60 nínú lítà omi kan ni yóò fi dígírì kan péré kún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyọ̀ gba gbogbo ìgbóná tí òkè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, àfi kó da iyọ̀ títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yọ́ ọ mọ́. Ta ni yóò jẹ ẹ?

Àdùkẹ́ ọmọ mi, nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń dáná lórí òkè. Jẹ́ ká mú ẹ̀wà kọ́kọ́. Bí o bá ní tẹmómítà, gbé e sínú omi tó ń hó, má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Níbi gíga tí o wà yẹn, yóò dúró sí nǹkan bí 92. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ti fúyẹ́, omi sì tètè ń rọ́nà sá di èéfín. Nígbà tó bá ti ń hó, iná tí o ń yí sókè ò kàn án mọ́. Èéfín nìkan ni iná yẹn ń sọ ọ́ dà, ìdí nìyẹn tí o fi ń bu omi kún un lẹ́ẹ̀mẹta. Yí iná wálẹ̀ títí yóò fi máa hó jẹ́jẹ́, ooru kan náà ni, gáàsì rẹ á sì pẹ́.

Ohun tó so inú ẹ̀wà pọ̀, tó ń jẹ́ kó le, kì í fẹ́ tú bí ooru bá ti wálẹ̀ báyẹn. Dígírì mẹ́jọ yìí dà bí ohun kékeré, àmọ́ lójú ẹ̀wà kì í ṣe kékeré rárá. Bó bá jẹ́ ẹyin lo ń sè, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin ti ń dì tipẹ́tipẹ́ kí ooru tó dé 92, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ni wàá fi kún tirẹ̀. Ẹ̀wà ní tiẹ̀, àkókò nìkan ò tó o.

Ra ìkòkò prẹ́ṣọ̀, èyí tí ìdérí rẹ̀ ń tì pa, tó ń fọn fèrè. Ìdérí lásán ò lè há èéfín mọ́ bẹ́ẹ̀. Ti prẹ́ṣọ̀ yẹn á gbé ooru kọjá 115 níbi tí o wà. Ní etí òkun ó máa ń dé 121, nítorí náà òkè ṣì gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ìṣirò tí èmi ń lò rèé: láti mítà 600 lọ sókè, fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún àkókò fún gbogbo mítà 300. Tìrẹ fi 1,800 kọjá 600, ìyẹn ọ̀nà mẹ́fà, o fi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹ̀wà tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú nísàlẹ̀ á di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà tó bá gbéra sí fífọn ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Má bu ẹ̀wà àti omi kọjá ìdajì ìkòkò, nítorí èéfín ń gbé ìfòòfòó sókè, ó sì lè dí ihò fèrè.

Bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa tí kò rọ̀ tán, má jẹ ẹ́ o. Ó ní ohun kan nínú tó ń da inú rú tí ooru kò bá pa á.

Tísà

Ìkòkò tuntun tí Àdùkẹ́ ń dá lẹ́bi yẹn rán mi létí ohun kan. Lóṣù kẹta ọdún 1835, Charles Darwin ń gba orí òkè Áńdíìsì kọjá. Wọ́n se pòtétò, kò jinná. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí iná mọ́jú, wọ́n tún sè é láàárọ̀, kò jinná. Àwọn tó bá a rìn gbà pé ìkòkò náà ló fà á, tuntun lòun náà. Àdùkẹ́, ìkòkò rẹ ò ṣẹ̀ o.

Àdùkẹ́

Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ ṣé púpọ̀, mà. Mo wọn omi náà, 92 gééré. Kéèkì ńkọ́, mà?

Dámọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, kéèkì tèmi náà ń rì láàárín, mo sì wà létí òkun. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ófùùnù wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé kí n fi omi kún un ni?

Ìyá Ẹ̀bùn

Dámọ́lá, tìrẹ yàtọ̀. Má ṣí ilẹ̀kùn yẹn kí kéèkì tó dúró, gbìyànjú ìyẹn kọ́kọ́. Bó bá ṣì ń rì, padà wá.

Àdùkẹ́, gbọ́ mi. Afẹ́fẹ́ inú kéèkì, tí bẹ́kìn páúdà ń mú jáde, ń fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ nítorí kò rí ohun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, ògiri tó gbé e dúró ò tíì le, ló bá bẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà omi inú rẹ̀ ń sá, ṣúgà á wá pọ̀ ju omi lọ, ṣúgà sì ń dá kéèkì dúró láti má tètè dì. Nítorí náà, fífi àkókò kún un á kàn sun etí rẹ̀ ni. Kí nìlànà rẹ?

Àdùkẹ́

Fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà 200, bọ́tà 120, ẹyin mẹ́ta, wàrà mílílítà 180, bẹ́kìn páúdà ṣíbí kékeré méjì. Ófùùnù wà ní 175, ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Ìyá Ẹ̀bùn

Ó dáa. Bẹ́kìn páúdà ni kí o kọ́kọ́ dín kù: ṣíbí kékeré kan àti ìdá mẹ́rin ṣíbí, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà, mú un wá sí 170. Fi ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta kún wàrà, àti ṣíbí ọbẹ̀ méjì kún fúláwà kí ògiri lè le. Gbé ófùùnù sókè sí nǹkan bí 188, kó lè dì kí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, nítorí ooru ti pọ̀ sí i. Má na ẹyin títí yóò fi le gan-an, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ náà á fẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ kùnà, yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Alábùrẹ́dì

Ẹ fẹ́ bá mi dá sí tèmi, ẹ jọ̀ọ́. Bùrẹ́dì ni mo ń ṣe, mo sì wà lókè tó ga bákan náà. Ìlànà mi ní kí n gún tẹmómítà bọ àárín rẹ̀, kí n yọ ọ́ nígbà tó bá dé 96. Kò dé ibẹ̀ rí. Mo ń dúró, mo ń dúró, èèpo á dúdú, bùrẹ́dì á gbẹ bí pákó. Mo ti pààrọ̀ tẹmómítà ẹ̀ẹ̀mejì.

Tísà

Tẹmómítà rẹ ò ṣe é. Omi ló wà láàárín bùrẹ́dì, omi rẹ sì ń hó ní 92. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà níbẹ̀, àárín ò lè kọjá bẹ́ẹ̀. 96 tí o ń dúró dè kò sí fún ọ níbẹ̀. Yọ ọ́ bó bá dé 89 sí 90, kí o gbá ìdí rẹ̀. Bó bá dún bí ìlù òfìfo, ó ti jinná.

Ọmọ Alábùrẹ́dì

Háà! Ọdún kan gbáko ni mo ti ń gbẹ bùrẹ́dì. Ẹ ṣé, sà. Ìyẹ̀fun náà máa ń tètè wú fún mi, ṣé ohun kan náà ni?

Tísà

Òun náà ni. Dín yíìsì kù díẹ̀, má sì dúró de aago. Bó bá ti di ìlọ́po méjì, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Àdùkẹ́

Mo dé o. Mo yá prẹ́ṣọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀wà rọ̀, àmọ́ hóró díẹ̀díẹ̀ ṣì le láàárín. Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, gbogbo rẹ̀ rọ̀ bí ìyẹ̀fun.

Ìyá Ẹ̀bùn

Àwọn hóró tó le yẹn lè jẹ́ èyí tó ti pẹ́ ní ìpamọ́. Ẹ̀wà tó ti gbó, prẹ́ṣọ̀ ò tètè ṣẹ́gun rẹ̀ níbikíbi. Tí o bá ra ẹ̀wà mìíràn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, o mọ̀ pé kì í ṣe òkè nìkan.

Àdùkẹ́

Kéèkì náà kò rì mọ́, mà. Ó jinná dé àárín ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àmọ́ orí rẹ̀ sán, etí sì dúdú ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Bọ̀dá Sàlàkọ́

Èmi ò rò pé ó yẹ kí ófùùnù gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi ń ṣe kéèkì lókè, ó fi í sí 175 bí tẹ́lẹ̀, bẹ́kìn páúdà àti ṣúgà nìkan ló ń dín kù, tirẹ̀ kì í sán.

Ìyá Ẹ̀bùn

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ófùùnù kan ò jọ ìkejì, gíga ibẹ̀ náà sì lè yàtọ̀. Àdùkẹ́, gbé e sí 182 lọ́tẹ̀ yìí, fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá rì padà, a mọ̀ pé ooru ló gbé e dúró.

Àdùkẹ́

Ó di Sátidé, mà. Màá mú ìròyìn wá.