Ẹ̀dà àtijọ́ lára ògiri: abala wo ni kí n mú?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò ISO 22000:2018 lórí ètò ààbò oúnjẹ rí, mo kí yín láti Ìlọrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ìbéèrè ìdánrawò kan. Ilé iṣẹ́ kan yí ìlànà yíyan gaàrí padà. Ẹ̀dà kẹta wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kejì ni wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Àyẹ̀wò abẹ́lé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí i, nítorí pé ẹni tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà gan-an ni wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Abala ISO 22000 kan ṣoṣo tí wọ́n rú ni wọ́n ní kí a mú.

Mo mú 7.5.3, nítorí pé òun ló ní kí a máa ṣàkóso àyípadà ìwé, kí èyí tó yẹ sì wà níbi tí a ti ń lò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀fà mú 9.2.2, tó ní kí a yan olùṣàyẹ̀wò tí kò ní ṣe ojúsàájú. Mo ti yọ 9.3 kúrò ní tèmi, nítorí pé ìbéèrè náà kò sọ ohunkóhun nípa ìpàdé àtúnyẹ̀wò àwọn ọ̀gá.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni gbólóhùn tó kẹ́yìn ìbéèrè náà: "Kí ló fà á tí àyẹ̀wò kò fi rí àṣìṣe yìí?" Ṣé gbólóhùn yẹn ni kí n tẹ̀ lé, àbí ìwé ara ògiri tí a fojú rí?