Àṣìmú nínú ta ni? Ọ̀rọ̀ fún ROC àti AUC nígbà tí ọ̀wọ́ kan kéré jù

Ṣadé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ àlàyé lórí ẹ̀rọ tó ń wá jìbìtì láàárín owó tí àwọn èèyàn fi káàdì san. Nínú àwòrán ROC, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń mú jìbìtì tó àti bó ṣe ń ṣì mú tó, mo pe ohun tó wà lóròó ní "ìpín ìmú", mo pe ohun tó wà níbùú ní "ìpín àṣìmú", mo sì pe AUC ní "ìwọ̀n ìṣedéédé". Ẹni tó bá mi kà á rí i pé ìpín àṣìmú jẹ́ 0.05, ó wá ní ìyẹn ni pé nínú 100 tí ẹ̀rọ náà bá mú, 5 péré ni kì í ṣe jìbìtì. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló ṣì í lọ́nà?

Kúnlé:
Àbúrò, "àṣìmú" dára, má yọ ọ́. "Ìṣedéédé" ni kó o yọ. Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà ni AUC, "ààyè abẹ́ ìlà" sì ti tó fún un. Àìdọ́gba ló fa wàhálà tó o sọ yẹn. Bí ojúlówó bá fi báyìí pọ̀ ju jìbìtì lọ, ìlà ROC á yí padà, AUC á sì máa purọ́. Da àwọn jìbìtì kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí wọ́n á fi dọ́gba pẹ̀lú ojúlówó, kó o tó ya ìlà náà.

Fọlákẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ó yẹ kí ẹ̀rù bà yín lóòótọ́, àmọ́ ìdí tí ẹ sọ kọ́. Ìlà ROC kì í yí padà torí pé ọ̀wọ́ kan kéré, ohun tó sì jẹ́ kó ṣòro nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ká ní owó 10,000 ló wọlé, 100 jẹ́ jìbìtì, 9,900 jẹ́ ojúlówó. Ẹ̀rọ náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 1, a sì fa ààlà síbì kan: èyí tí máàkì rẹ̀ bá kọjá ààlà, a mú un. Ká ní níbi ààlà tí Ṣadé lò, ìpín ìmú jẹ́ 0.80, ìpín àṣìmú sì jẹ́ 0.05. Nínú 100 jìbìtì, ó mú 80. Nínú 9,900 ojúlówó, ó ṣì mú 495. Gbogbo ohun tó mú wá di 575, 80 péré nínú wọn ló jẹ́ jìbìtì. Nínú gbogbo 100 tó mú, nǹkan bíi 14 ló jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ 95 ni ẹni tó bá Ṣadé kà á rò.

Ẹ wá mú ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú ààlà kan náà lọ síbi tí jìbìtì ti jẹ́ 5,000, tí ojúlówó náà jẹ́ 5,000. Ó mú 4,000 jìbìtì, ó ṣì mú 250 ojúlówó. Nínú 100 tó mú, 94 ló jẹ́ òótọ́. Ojú kan náà la ó fi àmì sí fún ọ̀ràn méjèèjì lórí àwòrán ROC, kò ní sún sókè, kò ní sún sísàlẹ̀. Ìdí ni pé àárín jìbìtì nìkan la ti ka ìpín ìmú, àárín ojúlówó nìkan la sì ti ka ìpín àṣìmú. Kò sí èyí tó mọ bí ọ̀wọ́ kejì ṣe pọ̀ tó.

Torí náà, Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ ló ṣì í lọ́nà. "Àṣìmú" ò sọ nínú ta ni. Kọ ọ́ ní "ìpín ojúlówó tí a ṣì mú". Ó gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kà á sódì.

Kúnlé:
Mo gbọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n bí iye ọ̀wọ́ ò bá kan AUC, kí ló wá ń wọ̀n gan-an? "Ààyè abẹ́ ìlà" sọ bó ṣe rí lójú, kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Fọlákẹ́:
Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ wo èyí: jìbìtì méjì gba 0.9 àti 0.4, ojúlówó mẹ́ta gba 0.7, 0.3 àti 0.2. Ẹ so jìbìtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ojúlówó kọ̀ọ̀kan, ó máa di ìsopọ̀ mẹ́fà. 0.9 ṣíwájú gbogbo àwọn mẹ́ta. 0.4 ṣíwájú méjì, 0.7 sì ṣíwájú rẹ̀. Márùn-ún nínú mẹ́fà, nǹkan bíi 0.83, AUC nìyẹn. Bí máàkì méjì bá dọ́gba, ìdajì la ó kà á sí. Ìwé tí Hanley àti McNeil kọ ní 1982 ṣàlàyé ìtumọ̀ yìí dáadáa. "Ìpín ìṣíwájú" ni mo fara mọ́. "Ìṣedéédé" ò wọlé rárá, torí AUC ò tilẹ̀ bèèrè ibi tá a fa ààlà sí. Ẹ jẹ́ kí ROC fúnra rẹ̀ máa jẹ́ ROC. Àwọn tó ń wo ẹ̀rọ réda nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni orúkọ yẹn ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní là wá lójú.

Ọláńrewájú:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aláìsàn 8 péré ló wà nínú àwọn tá a fi dán ẹ̀rọ wa wò. Lóṣù yìí AUC wa ga, lóṣù tó tẹ̀ lé e ó jábọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ṣé "àìdọ́gba" yìí ló ń bá wa jà?

Fọlákẹ́:
Rárá, ẹ̀gbọ́n, kíkéré aláìsàn yín ni. Ká ní àwọn tí ara wọn le tó 40 tàbí 40,000 níbẹ̀, kò ní yí i padà púpọ̀. Pẹ̀lú aláìsàn 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ni ìdá kan nínú mẹ́jọ AUC. Bí ẹyọ kan bá ti òkè pátápátá ṣubú sí ìsàlẹ̀ pátápátá, 0.125 ló máa lọ. Ẹ kó aláìsàn oṣù púpọ̀ jọ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ bí ó ṣe lè ga tó àti bí ó ṣe lè wálẹ̀ tó mọ́ ọn.

Kí n dá ẹ̀gbọ́n Kúnlé lóhùn lórí dída jìbìtì kọ. Bẹ́ ẹ bá da gbogbo wọn kọ ní iye kan náà, ROC ò ní mira. Ohun tó máa yí padà ni iye òótọ́ nínú ohun tá a mú: 14 á fò lọ sí 94, irọ́ sì ni, torí owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dọ́gba wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ fi èyí tẹ́ ẹ máa fi dán an wò sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ wá fi sklearn.metrics kọ nọ́ńbà méjì síta; y ni ohun tí owó kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an, 1 fún jìbìtì, 0 fún ojúlówó, s sì ni máàkì rẹ̀:

```python
roc_auc_score(y, s)
average_precision_score(y, s)
```

Ẹ̀rọ tó kàn ń méfò máa gba nǹkan bíi 0.5 lórí ìlà àkọ́kọ́. Lórí ìkejì, nǹkan bíi 0.01 ló máa gbà níhìn-ín, torí 100 nínú 10,000 ni jìbìtì. Ìkejì yìí ló mọ̀ pé ojúlówó pọ̀.

Kúnlé:
Nígbà náà, "ìpín òótọ́ nínú ohun tí a mú" ni ká pe èyí tó jẹ́ 14 yẹn. Ṣùgbọ́n "ìpín ìṣíwájú" ò tíì wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá rí àwòrán náà máa bèèrè ohun tó ṣíwájú níbẹ̀, ààyè ló rí.

Ṣadé:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ "ìṣedéédé", mo sì ti kọ "nínú ta ni" mọ́ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màá fi "ààyè abẹ́ ìlà" sábẹ́ àwòrán, màá lo "ìpín ìṣíwájú" nínú àlàyé, títí ẹ̀yin méjèèjì fi máa fẹnu kò. Ó ku ọ̀rọ̀ kan: ojú ìwé tí mò ń kọ ọ́ sí ò fẹ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ lórí tábìlì, "ìpín òótọ́ nínú ohun tí a mú" sì ti jẹ́ méje. Ta ló ní èyí tó kúrú, tí kò ní mú ẹnikẹ́ni bèèrè pé nínú ta ni?